Fọ́tò Dúrọ́ọ̀mù Kẹ́míkà Wọlé Sórí Wásáàpù: Bí Ẹ Ṣe Máa Ka Àmì Ewu Tó Wà Lára Ẹ̀

Àárín oṣù kẹfà ni, òjò Èkó ò dá rárá, ni àbúrò mi obìnrin tó ń ṣe àdìrẹ ní Múṣin bá fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wo nǹkan yìí. Haidirósì ni, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á ní Ọjọ́ta. Ẹni tó tà á fún mi ní kí n má ṣáà jẹ́ kí iná sún mọ́ ọn. Ṣé ìyẹn nìkan náà ni?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń pa aró mọ haidirósì, òun ni wọ́n ń dà mọ́ kọ́sítíìkì kí aró tó lè wọ aṣọ dáadáa. Dúrọ́ọ̀mù irin ni, kílò 50. Mo ti ṣe sítọ́ọ̀kípà rí ní wiàháòsì kẹ́míkà kan ní Ìlúpéjú, torí náà bí mo ṣe rí fọ́tò yẹn àyà mi já díẹ̀, kì í ṣe torí iná, torí òjò ni. Ẹ jẹ́ kí n fi fọ́tò yẹn gan-an ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń kà á, torí ẹni tó bá lè ka dúrọ́ọ̀mù kan yìí dáadáa, èyí tó pọ̀ jù nínú kẹ́míkà tí wọ́n ń tà ní Ọjọ́ta ò ní ṣòro fún un láti kà.

Ẹ kọ́kọ́ gba fọ́tò tó ṣeé kà

Fọ́tò àkọ́kọ́ tó fi ránṣẹ́ ò wúlò. Ó jìnnà, fúláàṣì kọ yànrànyànràn lórí lébẹ̀lì, Wásáàpù sì ti fún un pọ̀, lẹ́tà kéékèèké ló sì máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́ tí wọ́n bá fún fọ́tò pọ̀. Mo ní kó pa fúláàṣì, kó lo kámẹ́rà ẹ̀yìn fóònù torí ti iwájú máa ń yí lẹ́tà sódì nígbà míì, kó sì fi ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì, kì í ṣe bíi fọ́tò lásán.

Mẹ́rin ni mo ní kó yà. Kó dúró síwájú bí ìgbésẹ̀ mẹ́ta kó ya dúrọ́ọ̀mù náà tòun ti gbogbo nǹkan tó yí i ká. Lẹ́yìn náà kó ya lébẹ̀lì ní iwájú gan-an, kó má yà á láti ẹ̀gbẹ́, torí dúrọ́ọ̀mù ṣe rogodo, tẹ́ ẹ bá yà á láti ẹ̀gbẹ́ àmì ewu tó ṣe bíi dáyámọ́ńdì lórí lébẹ̀lì á tín-ín-rín, nọ́ńbà tó wà nínú igun ìsàlẹ̀ á sì fara pamọ́. Kó yí lọ sẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù náà, torí ọ̀pọ̀ ìgbà lébẹ̀lì méjì ló máa ń wà lára ẹ̀, wọn kì í sì í bára wọn mu. Ìkẹrin ni orí ọmọrí, kó yà á ní pípadé, kó má ṣí i. Mo tún sọ fún un pé kó má fi àkísà tútù nu lébẹ̀lì kí ó lè mọ́, kó fi ọwọ́ gbígbẹ gbọn eruku ẹ̀ kúrò. Ẹ máa rí ìdí ẹ̀ láìpẹ́.

Ẹ wo fírémù kẹ́ ẹ tó wo àwòrán

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n á rí àwòrán iná, wọ́n á ní "iná ni," ó parí. Àmọ́ fírémù tó yí àwòrán ká ló ń sọ ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Tó bá jẹ́ dáyámọ́ńdì tí inú ẹ̀ funfun, tí ìlà pupa tó nípọn yí i ká, tí àwòrán inú ẹ̀ dúdú, èyí jẹ́ ti ẹni tó fẹ́ lo kẹ́míkà náà. Àjọ UN ló kọ́kọ́ gbé e jáde ní 2003, àwòrán 9 péré ló sì ní. Ìwé yòówù kí wọ́n kọ síbẹ̀, ì báà jẹ́ ti Ṣáínà, àwòrán náà ò yí padà, ìyẹn sì dára fún wa torí ọ̀pọ̀ dúrọ́ọ̀mù tó ń wọlé láti Apápá, èdè Ṣáínà ló kún ara ẹ̀.

Tó bá jẹ́ dáyámọ́ńdì tí wọ́n kun inú ẹ̀ ní àwọ̀, tí nọ́ńbà wà nínú igun ìsàlẹ̀, ti ọkọ̀ ojú omi àti tírélà nìyẹn, àwọn tó ń gbé e ni wọ́n kọ ọ́ fún. Ẹ má fojú fò ó torí ẹ kì í ṣe dírẹ́bà. Nígbà míì òun ló ń sọ ohun tí èyí tó ní ìlà pupa ò sọ.

Tẹ́ ẹ bá wá rí onígun mẹ́rin aláwọ̀ ọ́rẹ́ǹjì tó dúró déédéé bíi fèrèsé, ti àwọn Yúróòpù àtijọ́ ni. Láti oṣù kẹfà ọdún 2017 ni kò ti yẹ kó wà lórí ọjà tí wọ́n ń tà lọ́dọ̀ wọn mọ́. Tó bá wà lórí ohun tẹ́ ẹ rà lónìí, á jẹ́ pé ọjà náà ti pẹ́ nílẹ̀ tàbí wọ́n tún dúrọ́ọ̀mù àtijọ́ lò, kẹ́ ẹ sì bi ẹni tó tà á ní ìbéèrè.

Iná kan náà, ìwà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Lára dúrọ́ọ̀mù àbúrò mi, dáyámọ́ńdì onílà pupa méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan ní àmì ìyanu, ìyẹn "!", tó ń sọ pé ó lè dun ojú tàbí kó léwu téèyàn bá gbé e mì. Èkejì ní àwòrán iná. Ẹ kọ́kọ́ wo ìsàlẹ̀ iná náà dáadáa o, torí àwòrán méjì ló jọra. Tí iná náà bá jókòó lórí òbìrípo bíi bọ́ọ̀lù, kì í ṣe nǹkan tó ń jó ni, nǹkan tó ń bọ́ iná ni, bíi háídírójìn pẹ́rọ́kísáìdì tó lágbára. Nínú fọ́tò tó ṣú, òbìrípo yẹn ló máa ń kọ́kọ́ pòórá. Ti àbúrò mi ò ní òbìrípo, orí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ni iná náà dúró sí.

Ó dáa, iná ni. Àmọ́ irú iná wo? Pẹtiróòlù ní àwòrán iná yìí. Nǹkan tó máa ń gbóná fúnra ẹ̀ láìsí ìṣáná ní in. Nǹkan tó jẹ́ pé omi ló ń mú kó tú gáàsì tó ń jó jáde náà ní in. Àwòrán kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo wọn. Ẹni tó tà á fún àbúrò mi wo iná, ó rò pé bíi pẹtiróòlù ni, ó ní kí iná má sún mọ́ ọn, ó sì rò pé òun ti gba ọmọ náà nímọ̀ràn.

Dáyámọ́ńdì ọkọ̀ ló yanjú ẹ̀. Tí gbogbo inú ẹ̀ bá pupa tí 3 wà nísàlẹ̀, nǹkan olómi tó ń jó ni. Tó bá jẹ́ ìlà pupa àti funfun tó dúró gbọọrọ, nǹkan líle tó tètè ń gbiná ni. Tó bá jẹ́ pé òkè funfun, ìsàlẹ̀ pupa, nǹkan tó ń gbóná fúnra ẹ̀ títí á fi gbiná ni. Tó bá búlúù látòkè délẹ̀, omi ni ọ̀tá ẹ̀. Àwọn mẹ́ta tó kẹ́yìn yìí, 4 lásán ni wọ́n máa ń kọ sí igun ìsàlẹ̀ wọn, torí náà nọ́ńbà nìkan ò lè là wọ́n, àwọ̀ ló ń là wọ́n. Ìdí nìyẹn tí fọ́tò lébẹ̀lì tí wọ́n ṣe fótókọ́pì ẹ̀ ní dúdú àti funfun ò fi tó, tẹ́ ẹ bá rí irú ẹ̀ ẹ ní kí wọ́n lọ ya ara dúrọ́ọ̀mù gan-an. Oòrùn náà máa ń pa pupa dà di píǹkì, ẹ fi í sọ́kàn.

Wọ́n so okùn mọ́ ìdajì ìsàlẹ̀ dáyámọ́ńdì ọkọ̀ tó wà lára dúrọ́ọ̀mù àbúrò mi, ibi funfun pẹ̀lú iná dúdú nìkan ló hàn nínú fọ́tò, ẹni tí ò bá fara balẹ̀ á rò pé ọ̀kan lára àwọn onílà pupa ni. Mo ní kí àbúrò mi sún okùn náà sókè kó tún un yà. Ìsàlẹ̀ pupa wá jáde. Haidirósì kì í dúró de ìṣáná. Omi díẹ̀ tó bá kán sí i, tàbí ooru, ti tó láti mú kó máa gbóná nínú, á tú gáàsì tó ń rùn bí ìṣáná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣá jáde, lẹ́yìn náà ló lè gbiná. Ibi tí àbúrò mi sì gbé e sí ni abẹ́ páànù tó ń jò lẹ́yìnkùlé.

Lẹ́tà àti nọ́ńbà tó ṣú

Mi ò fẹ́ fi àwọ̀ nìkan dájọ́, ni mo bá lọ sí lẹ́tà. Gbólóhùn ewu lórí lébẹ̀lì máa ń ní H níwájú àti nọ́ńbà mẹ́ta. Tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 2, iná tàbí bíbú gbàmù ni ọ̀rọ̀ náà, 3 jẹ́ ti ara èèyàn, 4 jẹ́ ti odò àti ẹja. Nínú fọ́tò yẹn mo rí H2 àti 1 níkẹyìn, èyí tó wà láàárín ti ṣú, mi ò mọ̀ bóyá 5 ni tàbí 6. H251 túmọ̀ sí pé ó ń gbóná fúnra ẹ̀, ó sì lè gbiná. H261 túmọ̀ sí pé tó bá kan omi á tú gáàsì tó ń jó jáde. Tó bá jẹ́ H261, dáyámọ́ńdì ọkọ̀ ẹ̀ ì bá jẹ́ búlúù. Èyí funfun lókè, ó pupa nísàlẹ̀, torí náà 251 ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é, ẹ jẹ́ kí nǹkan méjì lára dúrọ́ọ̀mù kan náà jẹ́rìí síra wọn kẹ́ ẹ tó gbà.

Orúkọ kẹ́míkà náà ńkọ́? Lébẹ̀lì tó dáa máa ń ní nọ́ńbà CAS, ó dà bíi nọ́ńbà ìdánimọ̀ tiwa, kẹ́míkà kọ̀ọ̀kan ní tiẹ̀. Ti inú fọ́tò yẹn kà báyìí, 7775-1, nọ́ńbà kan tó ṣú, lẹ́yìn náà -6. Ó lè jẹ́ 1, ó lè jẹ́ 4. Ọ̀rọ̀ ńlá sì ni, torí 7775-11-3 kì í ṣe haidirósì rárá, sódíọ̀mù kúrómétì ni, tó ń fa àrùn jẹjẹrẹ.

Ọgbọ́n kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn gan-an. Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn CAS, wọ́n ṣírò ẹ̀ láti ara àwọn yòókù ni. Ẹ fi nọ́ńbà ìkẹyìn yẹn sílẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti èyí tó tẹ̀ lé e ní apá òsì, ẹ fi 1 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ fi 2 sọ èyí tó tẹ̀ lé e, 3, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, kẹ́ ẹ ro gbogbo ẹ̀ pọ̀. Nọ́ńbà tó parí àròpọ̀ náà gbọ́dọ̀ bá ti ìkẹyìn mu.

```
7775-14-6
4×1 + 1×2 + 5×3 + 7×4 + 7×5 + 7×6 = 126  → 6

7775-11-?
1×1 + 1×2 + 5×3 + 7×4 + 7×5 + 7×6 = 123  → 3
```

6 ló hàn kedere nínú fọ́tò, torí náà 4 ló ṣú, haidirósì gidi ni. Nígbà tó yá mo tún rí UN 1384 létí dáyámọ́ńdì ọkọ̀, nọ́ńbà tí àwọn tó ń gbé kẹ́míkà fi ń dá a mọ̀ ni, haidirósì náà nìyẹn. Ẹ̀rí mẹ́ta, ó tó.

Ẹ wo ohun tó jókòó tì í

Nínú fọ́tò mẹ́rin tí mo ní kó yà, èyí tó yà láti òkèèrè ló já mi láyà jù. Àpò kọ́sítíìkì kan wà lápá òsì dúrọ́ọ̀mù náà, kẹ́ẹ̀gì funfun kan wà lápá ọ̀tún, ìkòkò alumíníọ̀mù ńlá sì wà níwájú.

Àpò kọ́sítíìkì ní dáyámọ́ńdì onílà pupa tó ní igò tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, omi ń kán látinú ọ̀kan sórí irin, látinú èkejì sórí ọwọ́ èèyàn, ó sì ń jẹ méjèèjì. Àwọn èèyàn máa ń rí ọwọ́ yẹn, wọ́n á wọ ìbọ̀wọ́, wọ́n ò ní ka irin kún. Kọ́sítíìkì máa ń jẹ alumíníọ̀mù, bó ṣe ń jẹ ẹ́ ló ń tú gáàsì háídírójìn jáde, gáàsì yẹn sì ń gbiná wàrà. Mo ní kó má po ó nínú ìkòkò yẹn mọ́, kó lo ike tó nípọn, kó sì máa da kọ́sítíìkì sínú omi díẹ̀díẹ̀, kó má da omi lé kọ́sítíìkì lórí, torí á hó, á sì ta sí i lójú.

Kẹ́ẹ̀gì funfun ni mo lo àkókò lé lórí jù. Dáyámọ́ńdì ọkọ̀ ló wà lára ẹ̀, òkè funfun, ìsàlẹ̀ dúdú, nọ́ńbà 8. Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ó jọ ti kọ́sítíìkì, irú kan náà ni wọ́n, àbí?" Rárá o. 8 ń sọ pé ó ń jẹ ara àti irin, kò sọ bóyá ásíìdì ni tàbí òdìkejì ẹ̀. Ásíìdì àti kọ́sítíìkì ń wọ aṣọ kan náà ni, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè gbé nínú ilé kan náà pẹ̀lú àlàáfíà. Nọ́ńbà UN ló ń là wọ́n. Kọ́sítíìkì gbígbẹ jẹ́ 1823, èyí tí wọ́n ti pò sómi jẹ́ 1824. Mo fẹ fọ́tò náà, mo rí 2796. Ásíìdì bátìrì ni! Rewáyà tó wà níwájú ilé wọn ló gbé e síbẹ̀ kí òjò má baà pa á. Tí ásíìdì yẹn bá dà sórí haidirósì, gáàsì tó ń rùn bí ìṣáná yẹn á tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, á sì há èémí mọ́ gbogbo ilé lọ́rùn. Ìyẹn ni mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé kúrò, kí n tó tún sọ ọ̀rọ̀ míì.

Tí fọ́tò bá gbé ara ògiri wá

Ní àwọn ilé iṣẹ́ ní Ìkẹjà àti Ìlúpéjú, ara ògiri náà ń sọ̀rọ̀, àwọ̀ àti ìrísí ni ẹ fi máa kà á kẹ́ ẹ tó wo àwòrán. Òbìrípo búlúù, ó ń pàṣẹ ni, wọ ìbọ̀wọ́, wọ góògù. Òbìrípo pupa tí ìlà gba àárín ẹ̀ kọjá, má ṣe é. Onígun mẹ́ta yẹ́lò, ṣọ́ra. Gíríìnì, ọ̀nà àbájáde tàbí ibi tẹ́ ẹ ti lè fọ ojú. Ẹ má fi wọ́n wé ara dúrọ́ọ̀mù, ibi tẹ́ ẹ dúró sí ni wọ́n ń sọ, wọn ò sọ ohun tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì kan pàtó.

Èyí tó ń dà wọ́n rú jù ni dáyámọ́ńdì tí wọ́n pín sí mẹ́rin, búlúù, pupa, yẹ́lò, funfun, tí nọ́ńbà 0 sí 4 wà nínú ẹ̀. Ti Amẹ́ríkà ni, àwọn panápaná ni wọ́n ṣe é fún. Níbẹ̀, 4 ló burú jù. Nínú ìwé tó ń bá kẹ́míkà rìn, "kátígórì 1" ló burú jù. Mo ti rí ẹni tó ka 1 lórí ìwé, tó ní kò le, torí ara ògiri ló ti kọ́ nọ́ńbà.

Ohun tí mo ní kó ṣe

Wọ́n gbé dúrọ́ọ̀mù náà wọ yàrá gbígbẹ, wọ́n gbé e lé orí páálẹ́ẹ̀tì igi, kò fara kan ilẹ̀ tàbí ògiri. Ọmọrí ẹ̀ pa dé pinpin. Ṣíbí tí wọ́n fi ń bù ú gbọ́dọ̀ gbẹ, èyí tí wọ́n bá bù tó kù kò gbọdọ̀ padà sínú dúrọ́ọ̀mù, torí eruku kékeré tó ti fa omi mọ́ra lè bẹ̀rẹ̀ wàhálà nínú kílò 50. Mo sì sọ fún un pé tó bá gbóòórùn ìṣáná yẹn, tó rí èéfín, tàbí tí ara irin náà ń gbóná, kó má da báákẹ́ẹ̀tì omi sí i, kó má bo aṣọ tàbí yanrìn mọ́ ọn, torí nǹkan yìí ò nílò afẹ́fẹ́ láti jó, omi díẹ̀ ló sì ń gùn ún. Omi tó pọ̀ yanturu láti òkèèrè ló ń pa á, iṣẹ́ panápaná nìyẹn. Kó kó àwọn ọmọ jáde, kó pe 767 tàbí 112, kó sì ka "UN 1384" fún wọn.

Ó bi mí lẹ́yìn náà nípa haidirósì kílò méjì tó kù nínú ọ̀rá, èyí tó rà lọ́wọ́ ẹnì kan ní oṣù kẹrin, tí ò ní lébẹ̀lì kankan. Ó ya fọ́tò ẹ̀ náà, lúbúlúbú funfun nínú ọ̀rá dúdú. Mi ò lè kà á. Kò sí ẹni tó lè kà á, àwọ̀ funfun lásán ò sọ nǹkan kan, kọ́sítíìkì tí wọ́n lọ̀ kúnná á funfun báyìí náà. Mo ní kó padà lọ bá ẹni tó tà á, kó ní kó fi fọ́tò dúrọ́ọ̀mù tó ti bù ú hàn án, tí kò bá rí i, kó má dà á sínú aró, kó sì má dà á sínú gọ́tà. Ó wà nínú ike gbígbẹ tó ní ọmọrí báyìí, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sí gbogbo ìyókù, ó kọ "mi ò mọ̀ ọ́n" sára ẹ̀ pẹ̀lú máákà.